Fídíò Tó Tóbi Tó Sì Kọ̀ Láti Ṣí

Bátìrì kámẹ́rà kú nígbà tí ìyàwó ń jó wọlé. Ayàwòrán pààrọ̀ rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ìgbà tó délé ló rí i pé fáìlì MP4 tó ń yà lọ́wọ́ nígbà náà tó gígábáìtì 2, síbẹ̀ kò ṣí. Ó fi `ffprobe` yẹ̀ ẹ́ wò lórí kọ̀ǹpútà, èsì tó rí ni:

```
moov atom not found
```

Ìròyìn burúkú kọ́ nìyẹn pátápátá. Inú apá kan tó ń jẹ́ mdat ni àwòrán àti ohùn wà, gbogbo rẹ̀ sì dà pọ̀ mọ́ra wọn. Apá kejì, moov, ló ń sọ ibi tí àwòrán kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, bó ṣe gùn tó àti ìṣẹ́jú àáyá tó yẹ kó jáde. Kámẹ́rà kò lè mọ iye tí yóò yà ṣáájú, nítorí náà ẹ̀yìn tí a bá tẹ bọ́tìnnì ìdádúró ló máa ń kọ moov. Iná lọ kó tó débẹ̀. Mdat ṣì wà níbẹ̀.

Kò gbọdọ̀ ya ohunkóhun sórí káàdì náà mọ́, kò sì gbọdọ̀ gbà bí kámẹ́rà bá ní òun fẹ́ fọ̀ ọ́. Kó ṣe ẹ̀dà fáìlì náà sórí kọ̀ǹpútà, kó sì wá fídíò mìíràn tó ṣí dáadáa, tí kámẹ́rà yẹn gan-an yà, tí ìtò rẹ̀ kò yí padà. Ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ untrunc, Federico Ponchio ló kọ ọ́. Èyí tó dára ni wọ́n ń kọ́kọ́ dárúkọ fún un, kí wọ́n tó dárúkọ èyí tó bàjẹ́:

```
untrunc dara.mp4 baje.mp4
```

Láti ara èyí tó dára ni untrunc ti ń kọ́ bí kámẹ́rà yẹn ṣe ń di àwòrán. Lẹ́yìn náà, yóò máa rìn nínú mdat. Bí ọ̀nà ìdìpọ̀ tí kámẹ́rà lò bá jẹ́ H.264, báìtì 4 ló sábà máa ń ṣáájú ègé àwòrán kọ̀ọ̀kan láti sọ bó ṣe gùn tó, torí náà ó lè fò láti ọ̀kan dé èkejì kó sì kọ moov tuntun. Ohùn ló ń dà á láàmú. Ohùn AAC kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀ nínú MP4, ìfojúdá ni yóò fi wá ibi tó parí.

Bí àwòrán bá jáde ní kìkì eérú tàbí àwọ̀ ewé, ó ṣeé ṣe kí ìtò fídíò méjèèjì má bára mu. Ẹ wá òmíràn. Bí ètè bá ń ṣáájú ohùn díẹ̀díẹ̀, pàápàá nínú fídíò fóònù tí eré àwòrán rẹ̀ kì í dúró lójú kan, ọwọ́ la ó fi tò ó nínú ẹ̀rọ àtúntò fídíò. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá ìkẹyìn, tí kò tíì délẹ̀ sórí káàdì nígbà tí iná lọ, kò sí níbì kankan láti mú padà.