Ohun Tí Mo Sọ fún Àwọn Ọmọ Mi Nígbà Tí Wọ́n Fi Ayò 8 Nà Wá

Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, èmi náà ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ní bọ́ọ̀lù gbígbá. Àwọn òbí tó ń tajà lọ́jà wa a máa bi mí pé, “Tíṣà, kí ni ẹ máa ń sọ fún àwọn ọmọ yìí bí wọ́n bá nà wọ́n bí ẹni na bàrà?” N ó sọ ọ́ lónìí, n kò sì ní fi àṣìṣe tèmi pamọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, a lọ bá ilé ẹ̀kọ́ kan gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú kejì. Ọmọ mẹ́sàn-án ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi sójú pápá, bọ́ọ̀lù nọ́ńbà 4 tí ó yẹ ẹsẹ̀ ọmọdé ni a sì lò. Ṣùgbọ́n ilé bọ́ọ̀lù àwọn àgbà ni ó wà níbẹ̀, èyí tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 24, tí ó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 8. Ọmọ ọdún 11 ni kípà wa, kò sì ga ju ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ààbọ̀ lọ. Bí ó tilẹ̀ fò sókè, tí ó na ọwọ́ méjèèjì, ọwọ́ rẹ̀ kò lè kan igi òkè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé bọ́ọ̀lù tí wọ́n fọwọ́ sí fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 16 ní ìbú àti 7 ní gíga lọ. Àwọn tí a bá gbá mọ̀ pé kípà wa kéré, bí wọ́n bá sì ti rí àyè, wọn a gbé bọ́ọ̀lù náà gba orí rẹ̀ kọjá.

Kí àkókò ìsinmi tó tó, ayò 5 ti wọlé wa. Nígbà tí rẹfirí fọn fèrè ìkẹyìn, ó di 8 sí òdo. Àwọn ọmọ mi rọra ń bọ̀, wọ́n ń wo ilẹ̀. Ẹni méjì ń sunkún. Kípà wa bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Tíṣà, ẹ wá ẹlòmíràn.” Bàbá ọmọ kan tí ó bá wa lọ sì ti ń pariwo láti ẹ̀gbẹ́ pápá pé, “Ṣé bí ẹ ṣe máa ń gbá a nìyí? Ẹ ò tilẹ̀ lójú tì!”

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ṣe ní ọdún méjì ṣáájú ọjọ́ náà. Nígbà náà, ayò 6 ni wọ́n fi nà wá. Mo to àwọn ọmọ 13 sí inú oòrùn, mo sì bá wọn wí fún bí ààbọ̀ wákàtí. Mo ń bi wọ́n pé, “Ta ni ó jẹ́ kí ayò kẹta wọlé? Ta ni ó sùn lọ ní ọwọ́ òsì?” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nàka sí ara wọn. Mo rò pé mo ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ ni. Nígbà tí ọjọ́ ìdánrawò dé, ọmọ 9 péré ni ó wá. Àwọn mẹ́rin yòókù kò padà wá títí ọdún náà fi parí. Ọ̀kan nínú wọn ni ó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù lọ.

Nígbà tí mo kàwé lórí ọ̀ràn yìí, mo rí i pé kì í ṣe èmi nìkan ni ó ti ṣẹlẹ̀ sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Smith àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Smoll, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì kan ní ìlú Síátù ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú akẹgbẹ́ wọn kan, tẹ ìwádìí kan jáde ní 1992. Àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù ni wọ́n wò. Wọ́n kọ́ àwọn kóòṣì kan bí a ti í yin ọmọ fún akitiyan rẹ̀, àti bí a ti í tọ́ ọ sọ́nà nígbà tí ó bá ṣàṣìṣe, láìfi í ṣẹ̀sín. Wọn kò kọ́ àwọn kóòṣì yòókù. Nígbà tí ọdún yí po, nínú ọmọ 100 tí ó wà lọ́dọ̀ àwọn kóòṣì tí a kò kọ́, bí 26 ni kò padà wá. Lọ́dọ̀ àwọn tí a kọ́, bí 5 péré ni. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ kan kò sì borí ju èkejì lọ. Kì í ṣe ìyà tí a fi jẹ wọ́n lójú pápá ni ó lé àwọn ọmọ lọ, bí kò ṣe ohun tí wọ́n bá pàdé lẹ́nu kóòṣì.

Nítorí náà, ní ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, mo yípadà sí bàbá tó ń pariwo, mo ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ ná, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.” Ó fà sẹ́yìn. Mo ní kí àwọn ọmọ mu omi, kí wọ́n sì jókòó sábẹ́ igi. Mo mú kí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí oòrùn àti sí àwọn tí wọ́n ń jó ayọ̀ lójú pápá, nítorí ọmọ tí oòrùn ń wọ̀ lójú kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀. Èmi náà lóṣòó, kí ojú mi lè ṣe rẹ́gí pẹ̀lú tiwọn. Lẹ́yìn náà ni mo sọ báyìí pé:

“Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n nà wá ní ayò 8, a kò sì jẹ ọ̀kan. Òótọ́ nìyẹn, ó sì dùn mí bí ó ti dùn yín. Ẹni tó bá fẹ́ sunkún, kó sunkún, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ ohun tí mo rí. Ọmọ kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń fa ìlà sínú ìwé ní gbogbo ìgbà tí a bá gba bọ́ọ̀lù padà lọ́wọ́ wọn. Kí a tó sinmi, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni. Nígbà tí a sinmi tán, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ni. Ayò 5 ti wà lórí yín, ẹ sì tún sáré ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìwọ kípà, ilé tí o ṣọ́ yẹn, ilé àgbà ni. Mo rí bọ́ọ̀lù mẹ́ta tí o fi àyà gbà nílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni a ó kọ́ ní ọjọ́ Túsídeè: bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ wa, ẹni kan ni yóò lọ bá a, àwọn yòókù yóò sáré padà sílé. Lónìí, ẹni mẹ́rin mẹ́rin ni ó ń lọ bá a. Èmi ni n kò tíì kọ́ yín dáadáa. Ó tó. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ bọ àwọn ọ̀rẹ́ wa lọ́wọ́.”

Gbogbo rẹ̀ kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ọmọ tó ti rẹ̀, tí inú rẹ̀ sì bàjẹ́, kò lè gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ sórí. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, tí mo sì fi àlàyé rẹ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ ìdánrawò.

Ẹ ó rí i pé n kò sọ fún wọn pé wọ́n gbá a dáadáa. Ọmọ ọdún 10 mọ ìṣirò. Bí a bá parọ́ fún un nípa ayò 8, kò ní gbà wá gbọ́ nígbà tí a bá yìn ín lóòótọ́. N kò sì sọ pé rẹfirí ló rẹ́ wa jẹ, nítorí ẹni tó bá kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ ti fún un ní àwáwí tí yóò máa lò títí. Ìlà tí ọmọ yẹn fà sínú ìwé ni ó gbà mí. Bí mo bá kàn ní “ẹ gbìyànjú,” ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ṣùgbọ́n 6 di 14, wọ́n ka á fúnra wọn.

Ọ̀rọ̀ akitiyan pẹ̀lú ní ààlà tirẹ̀. Bí ọmọ kò bá mọ ibi tí ó yẹ kó dúró sí, tí a sì ń sọ fún un ṣáá pé kó túbọ̀ gbìyànjú, ìyà ni a fi ń jẹ ẹ́. Ó ti ń gbìyànjú tẹ́lẹ̀; ọ̀nà ni kò mọ̀. Nítorí náà, ní ọjọ́ Túsídeè, mo fi eérú la ilẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta, mo sì kó ọmọ mẹ́ta sí apá kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá fọn fèrè, bọ́ọ̀lù di ti ọ̀tá: ẹni tó sún mọ́ ọn jù yóò kígbe “Tèmi ni!”, àwọn yòókù yóò padà sí ẹ̀yìn ìlà. A ṣe é fún ogún ìṣẹ́jú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ wọ́n ṣì ń rọ́ jọ bí adìẹ tó rí àgbàdo. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ “Tèmi ni!” kan ṣoṣo dípò mẹ́rin.

Bí a ṣe lè mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ tí a sọ ṣiṣẹ́ kò le: ẹ ka orí àwọn ọmọ ní ọjọ́ ìdánrawò tó tẹ̀ lé e. Ọmọ 14 ni mo kó lọ ní Sátidé yẹn. Ní ọjọ́ Túsídeè, 13 ni ó wà níbẹ̀. Ẹni kan tó kù ni ọ̀kan nínú àwọn tó sunkún. Mo lọ sí ìsọ̀ ìyá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ tí a bá ọ̀pọ̀ ọmọ sọ kì í wọ gbogbo wọn létí bákan náà. Ó ní àwọn ẹ̀gbọ́n òun ni ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ nílé. Mo bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ìyá sì bá àwọn ẹ̀gbọ́n náà sọ ọ́. Ní ọjọ́bọ̀ ó dé.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ọmọ tó ṣubú ń wo ojú ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ni, kó lè mọ̀ bóyá kó dìde tàbí kó máa sunkún. Ní Sátidé kejì, wọ́n tún nà wá, ayò 3 sí 1. Ọ̀rọ̀ mi kò fún wa ní ayò kankan, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ṣùgbọ́n kí n tó dé pápá ní ọjọ́ Túsídeè àkọ́kọ́ yẹn, kípà wa ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Tíṣà, ẹ káàárọ̀. Ìbọ̀wọ́ mi ńkọ́?”