Ọ̀rọ̀ Tó Kún Ojú Síláìdì

Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2003, bí ọkọ̀ òfuurufú Columbia ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ń gbéra, fóòmù kan já lára táǹkì rẹ̀, ó sì gbá ìyẹ́ òsì rẹ̀. Ọkọ̀ náà ṣì wà lókè nígbà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Boeing gbé síláìdì síwájú àwọn òṣìṣẹ́ NASA, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ewu wà. Ọ̀kan nínú síláìdì náà kún fọ́fọ́. Àkọlé rẹ̀ ń fini lọ́kàn balẹ̀, àmọ́ ìsàlẹ̀ pátápátá ni ọ̀rọ̀ gan-an fara pamọ́ sí: ínǹṣì kúbíìkì 3 ni fóòmù tí wọ́n ti fi ṣe ìdánwò, èyí tí wọ́n fojú bù pé ó gbá ọkọ̀ sì jẹ́ 1,920. Ní ọjọ́ 1 oṣù kejì, Columbia fọ́ sófuurufú bó ṣe ń bọ̀ wálé, gbogbo èèyàn 7 inú rẹ̀ sì kú.

Síláìdì kọ́ ló dá ihò sí ìyẹ́ náà o. Síbẹ̀, ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ yìí bu ẹnu àtẹ́ lù ú nínú ìjábọ̀ wọn.

Ká ní àwa la fẹ́ tún un ṣe, gbólóhùn kan ló máa kù lójú síláìdì: “Fóòmù tó gbá ọkọ̀ fi ìlọ́po 640 tóbi ju èyí tí a dán wò lọ.” Ká ya àpótí méjì sábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan bíńtín, èkejì ràgàjì. Ohun tí a máa fẹnu ṣàlàyé, ìyẹn pé ìdánwò àtijọ́ kò lè fọkàn wa balẹ̀ àti pé a nílò àwòrán ìyẹ́ náà, máa lọ sínú àkọsílẹ̀ olùbánisọ̀rọ̀. Àbájáde ìdánwò kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iyára àti igun tí fóòmù gbà wọlé, máa wà nínú ìwé tí a máa tẹ̀ pín, torí kò sẹ́ni tó lè fara balẹ̀ yẹ tábìlì bẹ́ẹ̀ wò lára ògiri.

Nínú PowerPoint, àpótí `Notes` lábẹ́ síláìdì ni àkọsílẹ̀ yẹn ń gbé. Tí ẹ bá tẹ `Alt+F5`, ẹ ó rí i bó ṣe máa hàn lójú kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ fi dánra wò. Lọ́jọ́ ìpàdé, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò káwọn èèyàn tó wọlé, torí nígbà míì ojú ẹ̀rọ méjèèjì máa ń yí padà, tí gbogbo ìjọ á sì máa ka àṣírí yín.

Ibi tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn ni `Handouts` níbi ìtẹ̀wé. Àwòrán síláìdì kéékèèké nìkan ló máa ń tẹ̀, kò ní fi àlàyé kankan kún un. `Notes Pages` ló ń tẹ síláìdì pẹ̀lú àkọsílẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu yín nìyẹn náà, kì í ṣe ìwé kíkà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìwé tí ẹ máa pín lọ́tọ̀, lọ́nà tó fi máa yé ẹni tí kò wá sípàdé rárá.