Lẹ́tà fún Ẹrù tí Kò Dé Sókótó

Àwọn àgbà ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹrù tí a ń retí ní Sókótó lè má tíì kúrò ní Ìbàdàn tí wọ́n ti gbà á. Nítorí náà, lẹ́tà tí a bá kọ sí iléeṣẹ́ kúríà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ibi tí ẹrù wà kó tó kan ọ̀rọ̀ owó. Owó tó tọ́ sí ẹrù tó pẹ́ yàtọ̀ sí ti ẹrù tó sọnù.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin kan fi aṣọ òkè Ìsẹ́yìn ránṣẹ́ láti Ìbàdàn sí àbúrò rẹ̀ tó ń gbé ní Mábérà ní Sókótó, tó ń múra ìgbéyàwó. Ó san ₦9,500, wọ́n sì ṣèlérí ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ló fà á lé wọn lọ́wọ́. Ó di ọjọ́ 31, aṣọ ò tíì dé. Gbogbo ìgbà tí àbúrò bá lọ sí ẹ̀ka wọn ní Sókótó, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: “Ó ń bọ̀ lọ́nà.”

Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Ìbàdàn ló yẹ kó buwọ́ lu lẹ́tà náà, torí òun ló bá wọn ṣe àdéhùn. Bí ó bá fẹ́ kí àbúrò ṣe é, kó kọ ìwé àṣẹ fún un, kí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀dà wébíìlì. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé àwọn ò mọ̀ ọ́n rí.

Bí a bá kàn ní “ẹ bá mi wá ẹrù mi”, ìdáhùn ti wà lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí ẹrù bá kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ka kan sí òmíràn, ó yẹ kí òṣìṣẹ́ fi ẹ̀rọ yẹ nọ́mbà ara rẹ̀ wò, kí ọjọ́, wákàtí àti ẹ̀ka wọnú àkọsílẹ̀. Àkọsílẹ̀ yẹn ni kí á béèrè. Bí ìlà tó kẹ́yìn bá jẹ́ ti ìgbà tí wọ́n gbà á, kò tíì gbéra. Bí ó bá ti kúrò ní Ìbàdàn láìsí ìlà tó sọ pé Sókótó gbà á, a jẹ́ pé ọkọ̀ ló gbé e, kí wọ́n wá ìwé ẹrù ọkọ̀ náà jáde: ó lè ti bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹrù Ìlọrin tàbí ti Kọ́ntágórà. Bí wọ́n bá sì kọ ọ́ pé àbúrò ti gbà á, kí wọ́n fi orúkọ àti ìbuwọ́lù ẹni tó gbà á hàn.

Ara lẹ́tà náà lè lọ báyìí:

“Lórí wébíìlì tí nọ́mbà rẹ̀ wà lókè yìí, mo fa páálí aṣọ òkè kan lé yín lọ́wọ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta. Títí di òní, ọjọ́ 31, kò tíì dé Sókótó. Ẹ jọ̀wọ́, kó tó di ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin, ẹ fún mi ní ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ìrìn rẹ̀, orúkọ ẹ̀ka tó rí i kẹ́yìn, àti ìwé ẹrù ọkọ̀ tó gbé e. Ẹ dá ₦9,500 padà fún mi nítorí ìdádúró náà. Bí ẹ kò bá rí i títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin, mo máa kà á sí èyí tó sọnù, màá sì béèrè iye owó aṣọ náà, ₦180,000, gẹ́gẹ́ bí risíìtì ahunṣọ tí mo fi mọ́ ọn ṣe sọ.”

Owó kúríà ló rọrùn jù láti gbà nínú gbogbo rẹ̀. Abala 130 òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ kí iṣẹ́ parí lásìkò, kí wọ́n sì tètè sọ fún wa bí ìdádúró tí kò ṣeé yẹ̀ bá wà. Bí wọ́n bá kùnà, a lè ní kí wọ́n tún un ṣe, tàbí kí wọ́n dá ìwọ̀n tó bójú mu padà nínú owó tí a san.

Iye aṣọ ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ iye kékeré sórí wébíìlì kí owó ìbánigbófò má baà pọ̀. Bí ẹ̀gbọ́n bá kọ ₦20,000, iye yẹn ni wọ́n máa dì mú. Kó má fi pa mọ́. Kó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni fi àwọn ọ̀rọ̀ wínníwínní ẹ̀yìn wébíìlì hàn án kó tó buwọ́ lù ú, torí òfin kan náà ní kí wọ́n pe àkíyèsí oníbàárà sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ti owó aṣọ mìíràn tí wọ́n sáré rà fún ìgbéyàwó, kò dájú pé wọ́n á san án, àfi bí wọ́n bá ti mọ ọjọ́ ìgbéyàwó láti ìbẹ̀rẹ̀, tí èyí sì wà lákọsílẹ̀.

Olú iléeṣẹ́ ni kí á kọ lẹ́tà sí, kí ẹ̀dà lọ sí ẹ̀ka tó ń ṣàkóso iṣẹ́ kúríà lábẹ́ NIPOST, tó ń fún wọn ní láísẹ́ǹsì, àti àjọ FCCPC. Kí àbúrò mú ẹ̀dà méjì lọ sí ẹ̀ka Sókótó. Kí wọ́n mú ọ̀kan, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ èkejì, kí wọ́n kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó gbà á sí i, kó sì gbé e padà sílé.