“Ẹ Fi Àlàyé Síi Ránṣẹ́”: Kí Ni Oníbàárà Ń Wí Gan-an?

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ń ta ẹja inú yìnyín ní Bódìjà, n'Íbàdàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta sólà kọ̀wé sí i lórí Wáàsáàpù pé òun lè gbà á lọ́wọ́ ìnáwó epo jẹnẹrétọ̀. Ìyá fèsì pé, “Ẹ fi àlàyé síi ránṣẹ́.” Ọmọkùnrin náà sáré fi ìwé olójú ewé 16 ránṣẹ́: ìtàn ilé iṣẹ́, oríṣi bátìrì mẹ́sàn-án, àwòrán òrùlé onílé. Ìyá kò ṣí i, kò sì fèsì mọ́.

Ohun tí ọmọkùnrin yìí kò mọ̀ ni pé ọ̀nà mẹ́ta ni gbólóhùn yẹn pín sí. Ó lè jẹ́ pé ojú ń ti ìyá láti sọ pé òun kò rà. Ó lè jẹ́ pé ohun kan pàtó ń kọ ọ́ lóminú. Ó sì lè jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ni yóò san owó, tó fẹ́ fi ohun kan hàn án. Ìwé gígùn kò dáhùn ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìbéèrè kan ló yẹ kó kọ́kọ́ bi í: “Ẹ ṣé, mà. Kí n má baà kó ohun tí ẹ ò nílò wá: ṣé iye owó lẹ fẹ́ mọ̀ ni, àbí bóyá yóò gbé fírísà yín mọ́jú?”

Ká ní ìyá fèsì pé, “Fírísà mẹ́ta ni. Ẹja mi ń yọ́ lóru.” Àṣírí ọ̀rọ̀ tú nìyẹn. Bí fírísà kọ̀ọ̀kan bá ń fa wáàtì 150, tí kò sì dáwọ́ dúró ju ìdá mẹ́ta àkókò lọ, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò jẹ bíi yúnítì 4 láàárín wákàtí 12. Ìṣirò yìí kò gbọdọ̀ kún inú èsì. Ohun tí yóò kọ ni pé:

“Mà, bátìrì yúnítì 5 kan yóò gbé fírísà yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́jú bí ẹ ò bá fi nǹkan mìíràn sí i. Mo fẹ́ wá wo iye iná tí wọ́n ń fà kí n tó fọwọ́ sọ̀yà, torí fírísà máa ń fa iná gan-an nígbà tó bá ń tan. Ṣé kí n wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àbí Ọjọ́bọ̀?”

Lábẹ́ rẹ̀ ni kó kọ iye tó kéré jù àti iye tó pọ̀ jù tí iṣẹ́ náà lè gbà. Ìyá lè fi odindi èsì yìí ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ kún un.

Bí ìyá kò bá dá ìbéèrè àkọ́kọ́ lóhùn, kó tún un bi lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́ẹ̀kan péré. Bó bá tún dákẹ́, “rárá” ló wí, kó fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá béèrè pé, “Ọdún mélòó ni bátìrì náà máa lò?”, ìgbà yẹn ni ìwé olójú ewé 16 wúlò: kó ya ojú ewé kan ṣoṣo tó dáhùn rẹ̀, kó fi ránṣẹ́.