Pọ́ùn Kì Í Ṣe Kílò

Ìtàn tí a fẹ́ sọ jẹ́ ti ìyá aláta kan ní Ìmẹ̀kọ, ní ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe àkóso Nàìjíríà, tí Faransé sì ń ṣe àkóso Dàhómì, èyí tí a ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ láti ọdún 1975. Pọ́ùn ni a fi ń wọn ẹrù ní ìhà ìhín ààlà; kílò ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ní ìhà ọ̀hún. Pọ́ùn ìwọ̀n ni à ń wí o, kì í ṣe pọ́ùn owó.

Ìyá yìí ra ata gbígbẹ 100 pọ́ùn, ní kọ́bọ̀ 5 fún pọ́ùn kan. Ó rò pé kílò ni orúkọ tí àwọn Faransé ń pe pọ́ùn. Nítorí náà, nígbà tí ó dé ọjà Kétu, ó dá iye owó tí ó tó kọ́bọ̀ 6 lé kílò kan, kí ó lè jèrè kọ́bọ̀ kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn oníbàárà rọ́ dé, ata náà sì tán kí oòrùn tó kan àtàrí. Ó yẹ kí èyí ti fu ú lára. Kílò 45 àti díẹ̀ péré ni gbogbo ẹrù náà jẹ́ lórí òṣùwọ̀n. Owó tí ó pa fẹ́rẹ̀ má ju kọ́bọ̀ 270 lọ, bẹ́ẹ̀ ni kọ́bọ̀ 500 ni ó fi rà á. Ó figbe ta pé òṣùwọ̀n èké ni olóṣùwọ̀n fi jà á lólè.

Bàbá oníyọ̀ kan wà nítòsí. Ó wí pé, "Ọmọ mi, má tíì pe ẹnikẹ́ni ní olè. Òkúta ìwọ̀n tìrẹ ńkọ́?"

Ìyá aláta mú òkúta pọ́ùn kọ̀ọ̀kan méjì jáde nínú àpò rẹ̀. Bàbá gbé méjèèjì sí apá kan òṣùwọ̀n, ó sì gbé òkúta kílò kan sí apá kejì. Apá kílò rọ̀ wálẹ̀. Ó ní láti fi áúnsì 3 kún ti pọ́ùn kí wọ́n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Obìnrin náà dákẹ́, lẹ́yìn náà ó lọ bẹ olóṣùwọ̀n.

Ó padà wá bèèrè pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni n ó ṣe máa ṣírò rẹ̀?"

"Bí o bá ní kílò, sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kí o sì fi ìdámẹ́wàá èyí tí o rí kún un. Kílò 10 di 20. Fi 2 kún un, ó di pọ́ùn 22. Bí ó bá jẹ́ pọ́ùn ni o ní, pín in sí méjì, kí o sì yọ ìdámẹ́wàá ìlàjì náà kúrò. Pọ́ùn 100 di 50. Yọ 5, ó ku kílò 45."

Ibi tí ó tún ń ta ọ̀pọ̀ ènìyàn ní kókó ni iye owó. Nígbà tí a bá sọ pọ́ùn di kílò, iye ẹrù a máa dín, ṣùgbọ́n iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan a máa pọ̀ sí i, nítorí pọ́ùn méjì àti lé ni ó wà nínú kílò kan. Kọ́bọ̀ 5 lórí pọ́ùn di kọ́bọ̀ 11 lórí kílò, láìsí èrè kankan níbẹ̀. Ní ọjà kejì, ìyá aláta gbé irú ẹrù kan náà wá, ó sì tà á ní ṣílè kan, èyí tí í ṣe kọ́bọ̀ 12, fún kílò kan. Kílò 45 mú kọ́bọ̀ 540 wá. Ó jèrè 40, kí a tó yọ owó ọkọ̀.

Ìṣirò Bàbá dín díẹ̀ sí òtítọ́. Kílò 45.36 ni pọ́ùn 100 ní ti gidi, èyí kò sì pa aláta lára. Ṣùgbọ́n lórí kílò 1,000, pọ́ùn 4 ààbọ̀ àti díẹ̀ ni ó sọnù. Ẹni tí ó bá ń ra ẹrù ọkọ̀ àjàgbé, kí ó fi 2.2046 sọ iye kílò rẹ̀ di púpọ̀.