Sítíkà Kì í Paná

Wọ ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan ní Ṣómólú, o kò ní pẹ́ rí sílíńdà pupa lára ògiri, pẹ̀lú sítíkà tó ń sọ pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún yìí. Lójú ọ̀pọ̀ ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí sílíńdà ṣe rí lọ́jọ́ tí oníṣẹ́ wá ni sítíkà mọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i láti ọjọ́ náà, ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ló lè mọ̀ ọ́n, bó bá ń wò ó lóṣooṣù.

Ká ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú òkìtì bébà, agolo íǹkì àti epo tí wọ́n fi ń fọ rólà. Sílíńdà méjì ló yẹ kí irú ibẹ̀ ní: ti páúdà fún bébà àti íǹkì, ti gáàsì kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì fún ẹ̀rọ tó ń lo iná mànàmáná.

Ti páúdà ní géèjì. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lójú àwọ̀ ewé. Bó bá ti bọ́ sí pupa, ó di ọ̀dọ̀ oníṣẹ́. Wo okùn ọ̀rá tí wọ́n fi de píìnì: bó bá ti já, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti tẹ̀ ẹ́ wò. Yọjú wo ẹnu họ́ọ̀sì náà, torí àwọn kòkòrò tó ń fi amọ̀ kọ́lé fẹ́ràn irú ihò bẹ́ẹ̀. Ohun tí géèjì kò lè sọ ni bóyá páúdà ti dì. Sílíńdà tó bá wà létí ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n láti àárọ̀ dalẹ́, páúdà inú rẹ̀ lè kì mọ́lẹ̀ kó sì le gbagidi. Lọ́jọ́ ìjà, afẹ́fẹ́ lásán ni yóò tú jáde. Ẹnu ọ̀nà ni kẹ́ ẹ gbé e kọ́ sí, kí oníṣẹ́ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Ti gáàsì kò ní géèjì rárá. Ooru ọjọ́ ló ń gbé agbára inú rẹ̀ sókè sódò, nítorí náà géèjì kò lè sọ iye tó kù. Sikéèlì ló ń sọ ọ́. Ká ní gáàsì kílò 5 ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì kọ ọ́ sára sílíńdà pé tòun-tagolo jẹ́ kílò 14.5. Ẹ gbé e sórí sikéèlì, ó ń sọ kílò 13.9. Kílò 0.6 ti jò lọ láìsí ẹni tó mọ̀. Bó bá ti dín ju ìdá kan nínú mẹ́wàá gáàsì náà lọ, ìyẹn ìlàjì kílò, ẹ gbé e lọ kí wọ́n rọ ọ́. Ìdánwò yìí ni mo mọ̀ tí àwọn ènìyàn kì í ṣe.

Álààmù èéfín ní bọ́tìnnì tí à ń tẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń ṣiṣẹ́ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ní kùtù tí gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Bí ọmọ iṣẹ́ tó dúró ti ẹ̀rọ kò bá gbọ́ ọ, ẹ fi òmíràn kún un. Bó bá ń ké ṣín-ín ṣín-ín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bátìrì ló ń kú lọ. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má yọ ọ́ jù sínú dúrọ́ọ̀. Eruku bébà ń dí ojú rẹ̀, torí náà ẹ máa nù ún. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é wà lẹ́yìn rẹ̀; bó bá ti pé ọdún 10, ẹ ra tuntun.

Iná pàjáwìrì ló ń tan àwa ará Nàìjíríà jẹ jù. Bó ṣe ń tàn nígbàkígbà tí NEPA bá mú iná lọ, a rò pé ara rẹ̀ le. Ọ̀pọ̀ irú iná yìí nílò wákàtí 24 kí bátìrì rẹ̀ tó kún padà lẹ́yìn tó bá ti tán pátápátá, iná ìjọba kì í sì í fìgbà gbogbo dúró tó bẹ́ẹ̀. Lóṣooṣù, ẹ pa bíréékà iná ṣọ́ọ̀bù náà, kẹ́ ẹ wò ó bóyá gbogbo wọn tàn. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lẹ́yìn tí bátìrì bá ti kún, tí àwọn oníbàárà sì ti lọ, ẹ jẹ́ kó tàn títí iye wákàtí tí wọ́n kọ sára rẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ 3. Èyí tó bá kú láàárín wákàtí kan, bátìrì rẹ̀ ti gbó.

Ìwé àkọsílẹ̀ olówó pọ́ọ́kú tó fún gbogbo èyí: ọjọ́, ohun tí ẹ yẹ̀ wò, ohun tí ẹ rí, ẹni tó wò ó. Ẹ kọ ìwọ̀n sílíńdà gáàsì náà síbẹ̀ pẹ̀lú, torí ìwọ̀n oṣù mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn ló ń fi hàn bó ṣe ń jò.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti tẹ sílíńdà páúdà, bó tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan péré, ẹ má gbé e padà sára ògiri. Páúdà díẹ̀ á há sí ẹnu rẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì máa jò lọ títí tí kò fi ní ku nǹkan kan. Ẹ gbé e lọ rọ lọ́jọ́ náà gan-an.