Pátákó Ìtajà Orí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ tajà a máa kiri, a sì máa fi ohùn dídùn polówó. Ẹni tí ó bá ní ṣọ́ọ̀bù a máa kọ orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sára pátákó, a sì gbé e sí ẹnu ọ̀nà kí èrò lè rí i. Títí di òní, pátákó ẹnu ọ̀nà kò tí ì kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba ibẹ̀ kọjá nìkan ni ó ń rí i. Oníbàárà tí ó wà ní àdúgbò kejì, tí ó ń wá aránṣọ tàbí ẹni tí yóò tún bàtà ṣe, fóònù ọwọ́ rẹ̀ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ bi léèrè. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò fi ní pátákó kejì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí ilé-iṣẹ́ Google ń pèsè ni a ó gbé yẹ̀ wò níhìn-ín. Google My Business ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2021 ni wọ́n sọ ọ́ di Google Business Profile. A kì í san kọ́bọ̀ kí a tó fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ níbẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ni yékéyéké, ẹ jẹ́ kí a fi aránṣọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ìyá aránṣọ kan ní ṣọ́ọ̀bù ní Mọ́kọ́lá, ní ìlú Ìbàdàn. Ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta àti ọmọ iṣẹ́ méjì. Aṣọ obìnrin àti aṣọ ilé-ìwé ni ó ń rán, ó sì ń tún aṣọ tí ó bá fún ènìyàn jù tàbí tí ó bá gùn jù ṣe. Ìyá yìí ti ní àkáǹtì Google lórí fóònù rẹ̀. Ó lọ sí google.com/business, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn ìbéèrè tí wọ́n ń bi í lọ́kọ̀ọ̀kan.

Orúkọ ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Ó wu ìyá náà láti fi gbólóhùn kan kún orúkọ rẹ̀, pé òun ni "Aránṣọ Tí Ó Dára Jù Lọ ní Ìbàdàn." Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Òfin Google ni pé orúkọ tí ó wà lára pátákó ẹnu ọ̀nà, tí àwọn oníbàárà fi mọ ṣọ́ọ̀bù náà, ni kí a kọ, láìfi ìyìn tàbí orúkọ àdúgbò há a. Ẹni tí ó bá rú òfin yìí lè jí ní ọjọ́ kan kí ó rí i pé wọ́n ti yọ ṣọ́ọ̀bù òun kúrò lójú ìran. Kí ó tó kọ orúkọ náà, ó yẹ kí ó tún wò bóyá ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí ẹlòmíràn lè ti fi í sórí àwòrán ilẹ̀ láìsọ fún un. Bí ó bá ti wà, kí ó gba èyí tí ó wà gẹ́gẹ́ bí tirẹ̀. Bí ó bá dá òmíràn sílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kan yóò di méjì, oníbàárà kò sì ní mọ èyí tí ó jẹ́ òótọ́.

Irú iṣẹ́ ni ìbéèrè tí ó tẹ̀ lé e. Google ti to orúkọ oríṣiríṣi iṣẹ́ sílẹ̀, a ó sì mú ọ̀kan ṣe olórí. Ìyá aránṣọ yìí mú "Dressmaker" ṣe olórí, ó sì fi "Clothing alteration service" ṣe ìkejì nítorí àtúnṣe aṣọ tí ó ń ṣe. Kò mú iṣẹ́ tí kò ṣe, bí ó tilẹ̀ rò pé yóò mú èrò wá. Orúkọ iṣẹ́ yìí wà lára ohun tí Google ń wò láti mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó fi ṣọ́ọ̀bù han ẹni tí ń wá aránṣọ.

Lẹ́yìn èyí ni àdírẹ́sì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ti ń ṣìnà. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ìlú wa, ojúlé kò ní nọ́ńbà, tàbí kí nọ́ńbà má tẹ̀ léra. Bí a bá kọ orúkọ òpópónà nìkan, àmì pupa tí ń tọ́ka ṣọ́ọ̀bù lórí àwòrán ilẹ̀ lè bọ́ sí àárín òpópónà náà, tí ó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà gan-an. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe ni kí a fẹ àwòrán náà lójú títí òrùlé ilé yóò fi hàn, kí a sì fi ìka fa àmì náà wá sórí òrùlé tí ó tọ́. Kí a tún wádìí rẹ̀ wò: kí á fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́ lórí fóònù, kí ó rìn wá láti ibùdókọ̀ gẹ́gẹ́ bí fóònù bá ṣe darí rẹ̀. Bí ó bá dé ẹnu ọ̀nà onílé kejì, àmì kò tí ì tọ́. Ti ẹni tí ń lọ bá oníbàárà nílé yàtọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í fi àdírẹ́sì ilé rẹ̀ hàn. Àwọn àdúgbò tí ó ń lọ ṣiṣẹ́ nìkan ni ó máa ń kọ.

Google kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu lásán gbọ́. Ó ń béèrè ẹ̀rí pé ṣọ́ọ̀bù wà ní tòótọ́, àti pé ẹni tí ó fi orúkọ sílẹ̀ ni ó ni ín tàbí ni ó ń bójú tó o. Google fúnra rẹ̀ ni ó ń yan ọ̀nà tí ẹ̀rí yóò gbà wá. Fídíò ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ ìyá yìí. Ó ní láti ya á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìgé e láàárín. Ó kọ́kọ́ ya òpópónà àti àwọn ilé tí ó yí ṣọ́ọ̀bù ká, ó ya pátákó rẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣí àgádágodo ẹnu ọ̀nà, ó wọlé, ó sì ya ẹ̀rọ ìránṣọ àti aṣọ tí ó wà lórí wọn. Kọ́kọ́rọ́ tí ó fi ṣílẹ̀kùn ni ẹ̀rí pé òun ni aláṣẹ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó dúró fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì yí orúkọ tàbí àdírẹ́sì padà ní àkókò náà, nítorí irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ lè mú kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀.

Ó kù kí ó kọ àpèjúwe. Àyè tí a fún un kò ju lẹ́tà 750 lọ, a sì ń ka àlàfo àárín ọ̀rọ̀ mọ́ ọn. Èyí tí ó kọ́kọ́ kọ ni pé: "Àwa ni ọ̀gá nínú ẹwà, ẹ wá rí ohun ìyanu!" Kò sí ohun tí oníbàárà lè rí dì mú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ó tún un kọ, ó ní: "A ń rán aṣọ obìnrin àti aṣọ ilé-ìwé. A ń tún aṣọ tí ó fún jù tàbí tí ó gùn jù ṣe. Àtúnṣe kékeré lè parí ní ọjọ́ kejì. Aṣọ tuntun ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ lè mú aṣọ tiyín wá." Ẹni tí ó bá ka èyí yóò mọ̀ bóyá kí òun wá tàbí kí òun wá ibòmíràn lọ.

Nínú gbogbo ìdáhùn rẹ̀, ẹyọ kan péré ni kò jẹ́ òótọ́. Nígbà tí wọ́n béèrè wákàtí ìṣòwò, ó mú èyí tí ó sọ pé ṣọ́ọ̀bù kì í tì rárá, tọ̀sán-tòru. Èrò rẹ̀ ni pé oníbàárà tí ó bá pè é lóru kò ní bọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, bàbá kan gbé aṣọ ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ láti Bódìjà. Ọjọ́ kejì ni ilé-ìwé yóò wọlé, aṣọ náà sì gùn ju ọmọ lọ. Fóònù sọ fún un pé ṣọ́ọ̀bù ṣí sílẹ̀. Àgádágodo ni ó bá lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ rẹ̀ wọ aṣọ tí ń wọ́ nílẹ̀ lọ sí ilé-ìwé, bàbá náà sì fún ṣọ́ọ̀bù ní ìràwọ̀ kan péré nínú márùn-ún, ó kọ ọ́ pé: "Irọ́ ni wọ́n ń pa. Mo ná owó ọkọ̀ lásán."

Inú ìyá náà bàjẹ́. Ó fẹ́ pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, ṣùgbọ́n oníṣòwò kò lè pa ẹ̀rí oníbàárà rẹ́. Èyí tí ó bá rú òfin Google nìkan, bí èébú tàbí èyí tí ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí hùmọ̀, ni ó lè fi sùn. Ti bàbá yìí kì í ṣe irọ́. Àbúrò rẹ̀ gbà á níyànjú pé kí ó ní kí àwọn ẹbí fi ìràwọ̀ márùn-ún bò ó mọ́lẹ̀, kí ó sì dín owó kù fún oníbàárà tí ó bá yìn ín. Òfin kọ méjèèjì. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ohun tí ó ṣe ni pé ó kọ́kọ́ tún wákàtí rẹ̀ kọ: ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, agogo 9 òwúrọ̀ sí agogo 6 ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ Àbámẹ́ta, agogo 10 òwúrọ̀ sí agogo 4 ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ Àìkú, a kì í ṣí. Nígbà tí ọdún Iléyá ń bọ̀, ó kọ àwọn ọjọ́ tí kò ní ṣí sọ́tọ̀, láìfọwọ́ kan wákàtí tí ó wà fún ọjọ́ gbogbo. Lẹ́yìn náà ni ó dá bàbá náà lóhùn níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á: "Ẹ má bínú, sà. Àṣìṣe tiwa ni. A ti tún wákàtí wa kọ. A kì í ṣí ní ọjọ́ Àìkú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé aṣọ ọmọ náà wá, a ó tún un ṣe láìgba owó." Kò ní kí ó yí ìràwọ̀ rẹ̀ padà. Láti ìgbà náà, bí ó bá ti kó aṣọ fún oníbàárà, ó máa ń fi ìtọ́kasí ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀, pé kí ó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, ìbáà dùn, ìbáà korò.

Ní ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tí ìyá náà kò mọ̀ rí pè é, ó ní bí ó bá san owó, òun yóò fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣáájú gbogbo aránṣọ Ìbàdàn. Ìyá náà kọ̀, ó sì ṣe dáadáa. Nǹkan mẹ́ta ni Google sọ pé òun ń wò kí òun tó fi ṣọ́ọ̀bù hàn láàárín àwọn tí ó wà nítòsí: bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe bá ohun tí ènìyàn ń wá mu, bí ó ṣe súnmọ́ ẹni náà tó, àti bí a ṣe mọ̀ ọ́n tó, èyí tí iye ẹ̀rí àwọn oníbàárà wà lára rẹ̀. A kò lè fi owó ra ipò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Aránṣọ Mọ́kọ́lá kò sì lè borí ti Bódìjà lójú ẹni tí ó wà ní Bódìjà ní gbogbo ìgbà, nítorí ọ̀nà jìn.

Bàbá ọjọ́sí gbé aṣọ náà wá ní ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ kejì ni ó gbà á padà. Ẹni tí ó kọ ẹ̀rí lè tún un kọ nígbàkúgbà, bàbá náà sì fúnra rẹ̀ yí ìràwọ̀ kan sí mẹ́rin, ó wá kọ gbólóhùn kan sí i pé: "Nísinsìnyí, wákàtí tí wọ́n kọ ni wákàtí tí wọ́n ń ṣí."